Kí Ló Dé Tí Èéfín Fi Ń Pọ̀ Láàárọ̀ Kùtù? Ọmọrí Tó Ń Bo Pọ́tá Hákọ́ọ̀tì Mọ́lẹ̀ Nígbà Ọyẹ́

Nínú oṣù kìíní ọdún tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Pọ́tá Hákọ́ọ̀tì, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Rífáàsì, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo nǹkan." Ó gbàgbé aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ sórí okùn mọ́jú, aṣọ funfun báláú ni, ṣùgbọ́n àmì dúdú ti wà lára rẹ̀ káàkiri. Nígbà tó fi ìka nù ún, dípò kí ó lọ, ńṣe ló fà gbọọrọ bí ìgbà tí èèyàn fi èédú kọ nǹkan sára ògiri. Òórùn bí ìgbà tí táyà ń jóná wà nínú afẹ́fẹ́, ojú pópó sì ṣú débi pé a kò rí ilé kẹta sí tiwa dáadáa.

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, a jáde lọ ra oúnjẹ. Ojú ọ̀run ti là, òórùn táyà kò sí mọ́. Àbúrò mi wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mo rò pé ó yẹ kí n dáhùn fún gbogbo òbí: "Ṣé àwọn tó ń dáná yẹn máa ń lọ sinmi lọ́sàn-án ni? Ibo ni èéfín náà gbà lọ?"

Wọn kì í lọ sinmi. Èéfín tó ń jáde lọ́sàn-án lè má kéré rárá sí ti àárọ̀. Ojú ọ̀run gan-an ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí èéfín náà ti ń wá, nítorí Pọ́tá Hákọ́ọ̀tì ní ìtàn tirẹ̀. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí lúbúlúbú dúdú lórí ilẹ̀ ilé wọn, lórí mọ́tò, àti nínú ihò imú àwọn ọmọ. Wọ́n ń pè é ní sóòtì. Apá ńlá nínú rẹ̀ ń wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì jíjí nínú igbó, iṣẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní pofáyà. Inú agbada irin ni wọ́n ti máa ń se epo rọ̀bì náà, epo náà ni wọ́n tún máa ń fi dáná, ohun tó bá sì ṣẹ́kù ni wọ́n máa ń da sínú igbó tàbí kí wọ́n sun ún. Gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń dáná sun tọ̀sán-tòru tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú èéfín jẹnẹrétọ̀, mọ́tò, àti ààtàn tí wọ́n ń sun. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Nyesom Wike tó jẹ́ gómìnà nígbà náà kéde ogun lórí àwọn ibi ìfọpo jíjí yìí. Ohun tí mi ò lè ṣe kí n má sọ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àwọn agbófinró bá rí irú ibi bẹ́ẹ̀, iná ni wọ́n máa ń sọ sí i. Èéfín ni wọ́n fi ń lé èéfín.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ojú ọ̀run.

Ní ọ̀sán, oòrùn kì í mú afẹ́fẹ́ gbóná tààrà tó bí a ṣe rò. Ilẹ̀ ló ń mú gbóná, ilẹ̀ ló sì ń mú afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ọn gbóná, bí ìgbà tí irin àgbá bá ń mú gààrí gbóná láti ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná ju èyí tó yí i ká lọ fúyẹ́, nítorí náà yóò gòkè, yóò sì gbé èéfín lọ. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, ó ń pàdánù nǹkan bíi dígírì 1 ní gbogbo mítà 100. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń bá pàdé lókè náà ti tutù, nítorí náà yóò ṣì máa gòkè lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí oòrùn mú, ìpòpọ̀ yìí lè ga tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni èéfín ọ̀sán gbà.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo rẹ̀ yí padà. Ilẹ̀ kò rí ooru gbà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń tú ooru tirẹ̀ sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Ní àkókò òjò, ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run bí aṣọ ìbora, ó sì ń dá ooru náà padà sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ìkùukùu kì í sábà sí, ìràwọ̀ á yọ kedere, ooru ilẹ̀ á sì máa lọ láìsí ohun tó dá a dúró. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan òrùlé mọ́tò láàárọ̀ kùtù oṣù kìíní mọ ohun tí mò ń wí: irin náà tutù nini, ìrì sì rin ín gbingbin, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó yí i ká kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí irin yẹn ṣe tutù ni ilẹ̀ náà ń tutù, afẹ́fẹ́ tó fara kan ilẹ̀ sì ń bá a tutù. Èyí tó wà lókè, tí kò fara kan nǹkan kan, ṣì di ooru ọ̀sán mú.

Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, afẹ́fẹ́ tútù wà nísàlẹ̀, èyí tó gbóná wà lókè. Ohun tó yẹ kó wà lókè ti wà nísàlẹ̀. Èyí ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní ìdojúdé ooru, ṣùgbọ́n èmi máa ń pè é ní ọmọrí, nítorí iṣẹ́ tí ọmọrí ìkòkò ń ṣe gan-an ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi iye ṣe é. Ká ní ní aago mẹ́fà àárọ̀, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ jẹ́ dígírì 22, èyí tó wà ní mítà 150 lókè sì jẹ́ dígírì 25. Ẹnì kan dáná sun ààtàn. Iná náà gbóná gan-an, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí èéfín yóò fi pò mọ́ afẹ́fẹ́ tútù tó wà láyìíká rẹ̀, ká ní ó wá ku dígírì 24. Ó gbóná ju afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ó gòkè. Tí ó bá fi máa dé mítà 100, òun fúnra rẹ̀ yóò ti tutù di dígírì 23, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 24. Ó ti wá wúwo ju ibi tó fẹ́ lọ. Kódà kò ní dé mítà 100 náà. Ní nǹkan bíi mítà 65 ni agbára rẹ̀ yóò ti tán. Yóò dúró, yóò sì tẹ́ lọ gbalaja. Bí ẹ bá ti rí èéfín iná láàárọ̀ tó gòkè díẹ̀, tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ọmọrí náà lẹ fojú rí yẹn.

Kí ni ìyàtọ̀ tí èyí mú wá fún ọmọ tó ń mí? Ẹ ronú nípa ata tí a ń dín nínú yàrá kékeré tí àjà rẹ̀ kéré, kí ẹ tún ronú nípa ata kan náà nínú gbọ̀ngàn ńlá tí àjà rẹ̀ ga ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ata kò yàtọ̀, iná kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n nínú yàrá kékeré gbogbo ilé á máa hú ikọ́. Bí àjà ojú ọ̀run bá wà ní mítà 1,000 lọ́sàn-án, tó sì wà ní mítà 100 láàárọ̀, èéfín kan náà yóò nípọn ní ìlọ́po mẹ́wàá láàárọ̀.

Ẹnì kan lè ní, afẹ́fẹ́ ńkọ́, ṣé kò lè gbé e lọ? Ó lè gbé e. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ dáadáa lóru, yóò máa po tòkè pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, ọmọrí kò sì ní lè dì. Ṣùgbọ́n òru tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, tí ewé kan kò mì, ni òru tí ọmọrí máa ń dì jù, òun náà sì ni òru tí èéfín kò ní rí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ gbà lọ. Ìdí nìyí tí àárọ̀ tó parọ́rọ́, tó tutù, tí gbogbo èèyàn ń yìn pé ó dára, fi lè jẹ́ èyí tó burú jù fún ẹ̀dọ̀fóró.

Wàyí o, apá tó kan òbí jù lọ nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí oòrùn bá ti yọ, wàhálà tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Pọ́tá Hákọ́ọ̀tì, oòrùn máa ń yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje kù díẹ̀ nínú oṣù kìíní. Láti ìsàlẹ̀ ni oòrùn ti máa ń jẹ ọmọrí náà, nítorí ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbóná. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pòpọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ga sí i. Ṣùgbọ́n àwọn èéfín kan ti sùn sókè mọ́jú: èyí tó jáde láti ẹnu òpó gíga tí wọ́n ti ń sun gáàsì, tàbí láti ibi iná ńlá tó gbóná tó láti tì í ga díẹ̀. Wọ́n so rọ̀ síbẹ̀ láti òru. Nígbà tí ìpòpọ̀ láti ìsàlẹ̀ bá gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn, yóò fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí a ti ń mí. Nítorí náà, èéfín lè pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ, kó tó wá dín kù. Nínú wákàtí yẹn kan náà ni mọ́tò kún títì, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún ní gbogbo ilé. Nínú wákàtí yẹn kan náà ni àwọn ọmọ wa ń rìn lọ sílé-ìwé.

Ọmọrí náà sábà máa ń fọ́ láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Bí kùrukùru bá nípọn, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kùrukùru kì í jẹ́ kí oòrùn rí ilẹ̀ mú gbóná. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò ní fọ́ rárá, ìgbà yẹn sì léwu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1952. Òtútù mú, gbogbo ilé ń sun èédú láti yá iná, afẹ́fẹ́ dákẹ́, ọmọrí sì dì mọ́ orí ìlú náà fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà náà, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 4,000 èèyàn ló kú ju iye tó máa ń kú lọ. Àwọn tó tún un ṣírò nígbà tó yá sọ pé ó lè tó 12,000. Àwọn ọmọ ọwọ́ àti àwọn àgbàlagbà ló kú jù. Oòrùn tiwa lágbára ju ti Lọ́ńdọ̀nù nínú ọyẹ́ wọn lọ, nítorí náà ọmọrí tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ewu tó wà nínú èéfín náà kì í ṣe dúdú tí à ń rí lórí aṣọ nìkan. Èyí tó tóbi tó láti bà sórí aṣọ, imú lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Èyí tó kéré débi pé ojú kò lè rí i, tó fi nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n tín-ín-rín ju irun orí lọ, ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún. Òun ni wọ́n ń kọ ní PM2.5 lórí fóònù tí ẹ bá ń wo bí afẹ́fẹ́ ìlú yín ṣe rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé kò yẹ kí ìṣirò odindi ọjọ́ kan ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú mítà afẹ́fẹ́ onígun mẹ́rin-mẹ́rin kan. Ẹ má kàn wo ti odindi ọjọ́, ẹ wo ti wákàtí kọ̀ọ̀kan, nítorí àárọ̀ tó burú lè fara pa mọ́ sẹ́yìn ọ̀sán tó dára. Ọmọ kékeré sì ń mí kíákíá ju àgbà lọ, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú àyà rẹ̀ sì kéré, nítorí náà wíwú díẹ̀ ti tó láti dí i.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ojú ọ̀run bá ṣú láàárọ̀ ló jẹ́ èéfín, kí a má dá ara wa níjì. Eruku ọyẹ́ ń wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e wá. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nu orí tábìlì tó wà níta: tí ó bá jẹ́ eruku ọyẹ́, yóò pọ́n bí ilẹ̀, tí ó bá jẹ́ sóòtì, yóò dúdú, yóò sì fà bí ẹni pé ó ní ọ̀rá. Tí ó bá jẹ́ kùrukùru lásán, omi lẹ máa rí. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn láti máa ṣọ́ ni ìró. Ní àárọ̀ tí ọmọrí bá dì, ìró máa ń rìn jìnnà, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lókè ń tẹ ìró padà sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè mọ́tò ojú títì tàbí ìpè àdúrà mọ́ṣáláṣí jíjìn tí ẹ kì í sábà gbọ́, tí ewé kò sì mì, ẹ tètè wo èéfín bóyá ó ti ń tẹ́.

Ohun tí a wá ṣe nílé àbúrò mi kò náwó púpọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ la ti ń ti fèrèsé tó kọjú sí títì, nítorí ọmọrí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní kété tí oòrùn bá ń wọ̀. A ò ṣí wọn láàárọ̀ kùtù bí ìyá wa ṣe kọ́ wa pé kí afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá kí a tó ṣí wọn gbayawu, ọ̀sán náà la sì ń sá aṣọ. Ọkọ rẹ̀ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ nípa ààtàn tí wọ́n máa ń sun ní ìrọ̀lẹ́, nítorí èéfín tí ẹ bá dá sílẹ̀ ní aago méje alẹ́ ni ẹ máa bá níbẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n gbà láti máa kó o fún àwọn akódọ̀tí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bínú.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe ti fèrèsé pa kí ẹ wá tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn fèrèsé tàbí sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹ má sì gbé iná èédú wọlé. Wọ́n ń tú èéfín olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó sì lè pa gbogbo ilé lójú oorun. Tí jẹnẹrétọ̀ bá gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, kí ó jìnnà sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síta.

Ìbòmú aṣọ kò dá PM2.5 dúró tó bí a ṣe rò. Èyí tí wọ́n ń kọ N95 sí lára ló ń ṣe é, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rọ fún àgbà kì í lẹ̀ mọ́ ojú ọmọ kékeré. Ẹ má fi ìbòmú sí ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Ọmọ tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú oògùn ìfàsímú rẹ̀ dání lọ sílé-ìwé, kí olùkọ́ sì mọ bó ṣe ń lò ó.

Bí ọmọ bá ń húkọ́, ẹ ka èémí rẹ̀. Ẹ dúró kí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ tàbí kí ó sùn, ẹ ṣí aṣọ àyà rẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí àyà tàbí ikùn rẹ̀ gòkè láàárín odindi ìṣẹ́jú kan. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 lọ sókè ti yá jù. Fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50 lọ sókè. Fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, 40 lọ sókè. Tí ó bá yá tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń mí, tí kò lè mu ọmú, tàbí tí ètè rẹ̀ ń yí dúdú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ilé-ìwé ọmọ àbúrò mi kò gbà láti yí aago ìwọlé padà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti gbé ìdárayá àárọ̀ kúrò ní aago mẹ́jọ sí aago mọ́kànlá ààbọ̀ títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń wo èéfín ìyá alákàrà iwájú ilé wa. Láti àárọ̀ ló ti ń tẹ́ lọ sí ilé onílé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè tààrà báyìí ni." Mo bi í pé aago mélòó ló lù. Ó ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, òun sì ń lọ ṣí fèrèsé.